Ẹ La Kókó Gbòǹgbò Kí Ẹ Tó Kà Á

Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin àgbẹ̀ tó wà ní ìjókòó, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Bí ẹ bá hú ẹ̀wà tàbí sóyà, tí ẹ rí kókó wẹ́wẹ́ lára gbòǹgbò rẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ mú abẹ, kí ẹ la kókó náà sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pupa, iṣẹ́ sísọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ ewéko ń lọ níbẹ̀. Bí ó bá funfun, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí kò ní í ṣe é rárá. Bí ó bá ti ní àwọ̀ ewé, ó ti darúgbó. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan wà tí wọ́n ń ka kókó bí ẹni ń ka owó ọjà, tí wọ́n á sì fi iye rẹ̀ kọ ìròyìn. Wọ́n mọ ara wọn, àwọn kan nínú wọn sì jókòó síwájú yìí.

Kí ló dé tí àwọ̀ pupa fi jẹ́ ẹ̀rí? Nǹkan bí ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ ni náítírójìn, ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù rẹ̀ méjì so mọ́ ara wọn débi pé ewéko kò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù tó lè tú wọn, náítírójínéésì, tí irin àti molibdénọ̀mù wà nínú rẹ̀, àwọn bakitéríà kan ló ní in, risóbíà tó ń gbé inú kókó gbòǹgbò sì wà lára wọn. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ́síjìn ń ba ẹ́ńsáìmù yìí jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà kò lè rí agbára ṣiṣẹ́ láìmí ọ́síjìn, iṣẹ́ náà sì ń jẹ agbára púpọ̀. Ewéko ló yanjú ọ̀rọ̀ náà: ó ń ṣe lẹgihemoglóbíìnì, ìbátan èròjà tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa, èyí tó ń di ọ́síjìn mú, tó sì ń fi í fún bakitéríà ní díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ tí ẹ rí nígbà tí ẹ la kókó nìyẹn.

Ẹ ti mọ iṣẹ́ Beijerinck, ẹni tó ya bakitéríà inú kókó gbòǹgbò sọ́tọ̀ ní ọdún 1888, n kò ní í tún un sọ. Ohun tó kàn wá ni bí ewéko àti bakitéríà ṣe ń mọ ara wọn. Gbòǹgbò tí ebi náítírójìn ń pa máa ń tú èròjà kan sínú ilẹ̀. Bakitéríà tó bá dá a mọ̀ á fi èròjà tirẹ̀ dáhùn. Irun gbòǹgbò á ká, á sì ká bakitéríà mọ́ inú, bakitéríà náà yóò wá gba ojú ọ̀nà tóóró wọ inú gbòǹgbò, níbi tí ewéko ti ń fi oúnjẹ tó ti inú ṣúgà wá bọ́ ọ. Ẹ̀wà kì í ṣàṣà: ó ń gba oríṣiríṣi bradirisóbíọ̀mù, irú risóbíà kan, tó wà nínú ilẹ̀ wa. Sóyà Amẹ́ríkà ló ń ṣàṣà, irú tó sì ń fẹ́ kò sábà sí nínú ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru ní Ìbàdàn, láti ìparí àwọn ọdún 1970, fi fi sóyà Éṣíà tí kì í ṣàṣà bá ti Amẹ́ríkà lò pọ̀, tí wọ́n sì mú irúgbìn TGx jáde.

Ibí yìí ni ìyá àgbẹ̀ kan ti gbé ọwọ́ sókè: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, TGx ni mo gbìn, kókó rẹ̀ pọ̀, àmọ́ ewé ìsàlẹ̀ ti di àwọ̀ ìyeyè.”

Mo ní: “Mà, ṣé ẹ là á?”

“Mo là á nísinsìnyí tí ẹ sọ ọ́ tán, mo kó díẹ̀ wá. Funfun ni.”

Ìbéèrè yìí ló gba àkókò tó kù, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mo wo gbòǹgbò náà: kókó rẹ̀ kéré, ó sì fọ́n káàkiri ara àwọn ẹ̀ka, kò sí ńlá kankan nítòsí ìdí igi. Àmì bakitéríà ilẹ̀ lèyí sábà máa ń jẹ́: gbòǹgbò gbà wọ́n, àmọ́ gbígbà kì í ṣe ìmúṣẹ́ṣe. Mo ní kí ìyá fi yúríà díẹ̀ sí ìlà kan péré. Bí ìlà náà bá padà ní àwọ̀ ewé, àìní náítírójìn ni. Bí kò bá yí padà, nǹkan mìíràn ni, ó lè jẹ́ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì. Ní ọdún tó ń bọ̀, kí wọ́n ra risóbíà tí a ṣe fún sóyà, kí wọ́n fi pa irúgbìn tó tutù díẹ̀ lábẹ́ ibòji, kí wọ́n gbìn ín lọ́jọ́ náà, kí wọ́n má pò ó mọ́ oògùn irúgbìn tàbí ajílẹ̀, nítorí àwọn wọ̀nyí àti oòrùn ń pa á. Kí wọ́n fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀ láìpa, kí wọ́n lè rí ìyàtọ̀.

Alága ti ń wo aago. Yúríà púpọ̀ nígbà gbíngbìn máa ń mú kí gbòǹgbò kọ bakitéríà. Àwọn tó ń sọ pé gbogbo sóyà ń bọ́ ilẹ̀ fún àgbàdo ọdún tó ń bọ̀ gbàgbé pé èyí tó pọ̀ jù nínú náítírójìn náà ń bá hóró jáde lóko. Bí ẹ bá sì fẹ́ yẹ gbòǹgbò wò, ẹ má fà á tu: nígbà tó bá ń yọ òdòdó, ẹ fi ọkọ́ wà á tiyẹ̀pẹ̀tiyẹ̀pẹ̀, kí ẹ fi omi ṣàn án, nítorí fífà ń já kókó sílẹ̀.