Dọ́là Yín Nínú Náírà: Èyí Tí Ẹ Fi Síbẹ̀ àti Èyí Tí Ọjà Fi Kún Un

Ẹ káàbọ̀ o. Mo gbé ìwé báǹkì méjì síwájú yín. Ìkíní sọ pé ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2022, aránṣọ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ní dọ́là 1,000 nínú àkáǹtì dọ́là rẹ̀, èyí tí àwọn ará báǹkì ń pè ní dọ̀m. Ìkejì sọ pé ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 2024, dọ́là 1,100 ló wà níbẹ̀. Dọ́là 100 péré ló lé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ ní náírà, ₦740,000 ti di ₦1,815,000. Èló nínú owó yìí ni wọ́n fi ọwọ́ kó wọlé? Èló sì ni dọ́là tó wọ́n sí i mú wá?

Àpẹẹrẹ ni aránṣọ yìí. Ṣùgbọ́n iye dọ́là tí mo fẹ́ lò súnmọ́ èyí tó wà lójà lásìkò kọ̀ọ̀kan. Mo kàn sọ ọ́ di iye tó rọrùn láti ṣírò ni.

Kí a tó kọ ohunkóhun sílẹ̀, a ní láti yan iye dọ́là tí a ó máa lò. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi ìṣirò ṣe. Ní ìparí ọdún 2022, iye méjì ni dọ́là ní ní Nàìjíríà. Ní ọjà ìjọba, nǹkan bíi ₦460 ni. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú pópó, nǹkan bíi ₦740 ni. Ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹfà, ọdún 2023, Báńkì Àpapọ̀ pa àwọn ọjà ìjọba pọ̀ di ọ̀kan, ó sì jẹ́ kí náírà wá ipò ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, iye ìjọba fò láti nǹkan bíi 470 bọ́ sí 660 ó lé. Bí aránṣọ wa bá ń fi iye ìjọba ṣírò, yóò rò pé òun jèrè bíi ₦190,000 lórí dọ́là 1,000 láàárín òwúrọ̀ sí alẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kó tó di ọjọ́ náà, ẹni tó ń ṣẹ́ owó ì bá ti san ju 700 lọ fún un lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan. Èrè tó rí yẹn kò wọ àpò rẹ̀ rárá.

Nítorí náà, iye tí ẹ lè tà á ní tòótọ́ lọ́jọ́ náà ni kí ẹ lò, kí ẹ má sì pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀nà. Iye tí ẹni tó ń ṣẹ́ owó fi ń rà á lọ́wọ́ yín ni mo ń sọ o, kì í ṣe iye tó fi ń tà á fún yín. Ẹni tó bá fi iye ìjọba bẹ̀rẹ̀ tó wá fi iye ojú pópó parí yóò rí èrè tí kò sí. Lórí dọ́là 1,000 yìí, ìyàtọ̀ láàárín 460 àti 740 jẹ́ ₦280,000. Kò sí ohun tó fi hàn nínú ìwé pé àṣìṣe ni; yóò kàn jókòó sáàárín èrè yín bí ẹni pé tòótọ́ ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ya ìwé wa.

(Tábìlì kan yọ: ọjọ́, dọ́là tó wọlé tàbí tó jáde, dọ́là tó wà nílẹ̀, iye dọ́là lọ́jọ́ náà, àpapọ̀ ní náírà.)

Ìlà àkọ́kọ́: ìparí ọdún 2022, dọ́là 1,000, iye rẹ̀ jẹ́ 740, àpapọ̀ ₦740,000.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ọmọ rẹ̀ tó wà ní Houston fi dọ́là 300 ránṣẹ́. Dọ́là ti di ₦1,000 lójú pópó. Kí a tó fi dọ́là 300 yẹn kún un, ohun kan wà tí a ní láti ṣe: a ó kọ́kọ́ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí dọ́là 1,000 tó ti wà nílẹ̀. Láti 740 dé 1,000, dọ́là kọ̀ọ̀kan fi ₦260 lé. Ní ìlọ́po 1,000, ó jẹ́ ₦260,000. Iṣẹ́ ọjà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kó o wọlé. Lẹ́yìn náà la ó wá kọ ti ọmọ rẹ̀: dọ́là 300 ní ₦1,000, ìyẹn ₦300,000. Owó tó wọlé nìyẹn. Àpapọ̀ di ₦1,300,000. Ẹ fi 740 kún 260 kún 300, ẹ ó rí i pé ó pé.

Ìdí tí a fi ń ya ti ọmọ sọ́tọ̀ ni pé dọ́là 300 yẹn kò sí nílẹ̀ nígbà tí dọ́là wà ní 740. Kò jẹ nínú ₦260 tó lé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láti ₦1,000 ni ìrìn tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìparí ọdún 2023, dọ́là di ₦1,200. Dọ́là 1,300 ló wà nílẹ̀ báyìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì fi ₦200 lé. Ìyẹn tún jẹ́ ₦260,000. Àpapọ̀ di ₦1,560,000.

Ẹ wo ọdún 2023 lódindi: owó náà lé ní ₦820,000. Nínú rẹ̀, ₦300,000 ni ọmọ fi ránṣẹ́, ₦520,000 sì ni ọjà mú wá.

Ọdún 2024 ni ọ̀rọ̀ wá di ọ̀nà olókè àti kòtò. Nínú oṣù Kejì, dọ́là gun orí nǹkan bíi ₦1,800 lójú pópó. Ọmọ rẹ̀ tún fi dọ́là 200 ránṣẹ́. Dọ́là 1,300 tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi ₦600 lé lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí jẹ́ ₦780,000. Dọ́là 200 tuntun jẹ́ ₦360,000. Àpapọ̀ di ₦2,700,000.

Ní àárín oṣù Kẹrin, náírà lágbára lójijì. Dọ́là já wá sí bíi ₦1,100. Aránṣọ wa ṣí foonu rẹ̀, ó ṣírò, ó bá ₦1,650,000. ₦1,050,000 ti pòórá láàárín oṣù méjì. Mo mọ bí àyà ṣe ń já lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ènìyàn á máa rò pé báǹkì ti mú nǹkan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òpó tó sọ iye dọ́là tó wà nílẹ̀: 1,500 ní oṣù Kejì, 1,500 ní oṣù Kẹrin. Dọ́là kan kò jáde. Dọ́là 1,500 ló pàdánù ₦700 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ká ní dọ́là náà ló dín tí kò sì sí ìlà kankan nínú ìwé tó sọ ìdí rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ gba báǹkì lọ láti béèrè.

Ìyẹn ló fi yẹ kí òpó dọ́là dá dúró. Owó tí báǹkì bá yọ fún iṣẹ́ wọn, dọ́là ni wọ́n ń yọ; ẹ kọ ọ́ bí owó tó jáde. Bí wọ́n bá san èlé, ẹ kọ ọ́ bí owó tó wọlé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí méjèèjì sá pamọ́ sábẹ́ ìyípadà iye dọ́là.

Ní oṣù Kẹsàn-án, dọ́là ti padà sí ₦1,650. Dọ́là 1,500 gba ₦550 padà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦825,000. Lọ́jọ́ yẹn ni aránṣọ wa yọ dọ́là 400 láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kékeré: ₦660,000 ló jáde. Dọ́là 1,100 ló kù, iye dọ́là sì tún wà ní nǹkan bíi ₦1,650 ní ìparí ọdún. Àpapọ̀: ₦1,815,000.

Bí ẹ bá ń lo Ẹ́ksẹ́ẹ̀lì tàbí ohun tó jọ ọ́ lórí foonu, ẹ kọ ọjọ́ sí A, dọ́là tó wọlé sí B (èyí tó jáde, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀), dọ́là tó wà nílẹ̀ sí C, iye dọ́là sí D. Ní ìlà kejì, ẹ kọ dọ́là tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí C2, iye rẹ̀ sí D2, kí ẹ sì kọ =C2*D2 sí G2. Ní ìlà kẹta, ẹ kọ èyí, kí ẹ sì dà á kọ sí àwọn ìlà tó tẹ̀ lé e:

```
C3: =C2+B3
E3: =B3*D3
F3: =C2*(D3-D2)
G3: =C3*D3
H3: =G3-G2-E3-F3
```

E ni owó tó wọlé ní náírà, F ni iṣẹ́ ọjà, G ni àpapọ̀. Ẹ kíyè sí i pé C2 ló wà nínú F, kì í ṣe C3: dọ́là tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú nìkan ló rin ìrìn àjò yẹn. H gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo ní gbogbo ìlà láti ìkẹta lọ. Bí kò bá jẹ́ òdo, ẹ ti ṣi nǹkan kọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, C3 ni ẹ fi sí ipò C2. Àmọ́ H kò lè mọ̀ bóyá iye dọ́là tí ẹ kọ jẹ́ tòótọ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó ṣọ́ ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá dáhùn ìbéèrè wa. Ẹni tó bá wo ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ọdún 2024 nìkan yóò sọ pé owó náà fi ₦255,000 lé. Ṣùgbọ́n ₦360,000 wọlé, ₦660,000 jáde, ọjà sì mú ₦555,000 wá. Nínú iṣẹ́ ọjà yẹn, dọ́là 200 ti oṣù Kejì kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: ₦1,800 ló wọlé, ₦1,650 ló parí ọdún, ó pàdánù ₦30,000. Nínú àpapọ̀ ni yóò fara pamọ́ sí bí ẹ kò bá kọ ọ́ sí ìlà tirẹ̀.

Láàárín ọdún méjèèjì, ₦660,000 ló wọlé, ₦660,000 náà ló sì jáde. Nítorí náà, gbogbo ₦1,075,000 tó lé, ọjà ló mú un wá.

Ohun kan ṣì kù. Ẹ mú dọ́là 1,000 àkọ́kọ́ nìkan: ₦740,000 di ₦1,650,000, ó fi ₦910,000 lé. Ṣùgbọ́n ọjà oúnjẹ náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àjọ Ìṣirò Nàìjíríà kéde pé nǹkan fi ìdá 28.92 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n sí i láàárín ọdún kan tó parí ní oṣù Kejìlá 2023, ó sì tún fi ìdá 34.80 wọ́n sí i ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ohun tí ₦740,000 lè rà ní ìparí 2022 yóò gba nǹkan bíi ₦1,286,000 ní ìparí 2024. Nínú ₦910,000 yẹn, bíi ₦546,000 ló kàn ń sáré tẹ̀ lé iye ọjà. Bíi ₦364,000 tó kù ni aránṣọ wa lè fi ra ohun tí kò lè rà tẹ́lẹ̀.