Bí a ṣe ń ra àmàlà nílé oúnjẹ láìsí wàhálà: ọ̀rọ̀ ẹnu, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Tòní yìí, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ Yorùbá dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹnu yín ò gbé e ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ mọ ara yín. Wọ́n tọ́ yín dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Húsítìnì, àbí Lẹ́kí níbí gan-an, màmá yín á sọ Yorùbá ẹ ó fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Ó ti tó. A ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ta àmàlà ní Ìbàdàn, ẹ sọ pé Bódìjà, ọ̀sán gangan, èrò wà níwájú yín, èrò wà lẹ́yìn yín, màmá olóúnjẹ sì ti gbé ṣíbí sókè ó ń wò yín. Kò ní àkókò. Ẹ ẹ́ sọ̀rọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà màá padà sórí ẹ̀.

Ẹ̀yin: Ẹ kú ọjà o, mà.
Màmá: O ṣé o. Kí ni kí n bù fún ẹ?
Ẹ̀yin: Ẹ bá mi bu àmàlà ẹgbẹ̀ta.
Màmá: Ọbẹ̀ ńkọ́?
Ẹ̀yin: Àbùlà ni. Ẹ jẹ́ kí ewédú pọ̀ díẹ̀.
Màmá: Ẹran ńkọ́?
Ẹ̀yin: Èwo ló wà ńlẹ̀?
Màmá: Ṣàkì wà, pọ̀nmọ́ wà, ògúfe wà. Fùkù ti tán.
Ẹ̀yin: Èló èló ni ṣàkì?
Màmá: Ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta.
Ẹ̀yin: Ẹ fún mi ní ṣàkì ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta méjì, pẹ̀lú pọ̀nmọ́ ọ̀ọ́dúnrún kan.
Màmá: O máa jẹ ẹ́ ńbí àbí o máa gbé e lọ?
Ẹ̀yin: Ibí ni, mà. Èló ni gbogbo ẹ̀?
Màmá: Ẹ̀dẹ́gbẹ̀wá.

Owó tí mo fi síbẹ̀ yẹn, àpẹẹrẹ ni o, ẹ má gbé e lọ bá màmá kankan jà, iye oúnjẹ ń yí padà lójoojúmọ́.

Ó yá. Ìlà kìíní, "Ẹ kú ọjà o, mà." Ẹ kí i. Bí èrò tilẹ̀ pọ̀ bí eéṣú, ẹ kí i. Ẹ kíyè sí i pé "ẹ" lẹ lò, màmá sì fi "o" dá yín lóhùn. Kò rí yín fín o! Ọmọ ló pè yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ dá "o" yẹn padà fún un láéláé, kódà tó bá jẹ́ ọmọdébìnrin tó ń bá a bu oúnjẹ ló dá yín lóhùn, "ẹ" náà ni, ẹ pè é ní àǹtí kẹ́ ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìlà kejì, "Ẹ bá mi bu àmàlà ẹgbẹ̀ta." Ibí ni mo ti máa ń gbọ́ "mo máa fẹ́ láti ní àmàlà, ẹ jọ̀ọ́." Áà! Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn? Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó ṣe, kó bù ú, nítorí náà ẹ ní "ẹ bá mi bù." "Bá mi" yẹn ti gbé ọ̀wọ̀ dání, "ẹ" tó ṣáájú ẹ̀ náà gbé ọ̀wọ̀ dání, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa fi "ẹ jọ̀ọ́" parí gbogbo gbólóhùn bí ẹni tó ń bẹ ọlọ́pàá. Owó la sì fi ń ra àmàlà níbẹ̀. Ẹ̀kọ lèèyàn ń kà, ẹ̀kọ méjì, ẹ̀kọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ilé àmàlà, iye owó lẹ máa dá, màmá ló mọ ìwọ̀n ṣíbí tó máa bù fún un. Ọbẹ̀ ò ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, àmàlà àti ẹran lẹ máa sanwó fún.

"Àbùlà ni." Gbẹ̀gìrì àti ewédú lójú kan náà, pẹ̀lú ọbẹ̀ ata. Tẹ́ ò bá fẹ́ gbẹ̀gìrì, ẹ ní "ewédú nìkan, mà." Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù ata, "ẹ má jẹ́ kí ata pọ̀." Ẹ tètè sọ ọ́ o, torí tí ṣíbí bá ti kan abọ́, ó ti parí. Èmi fúnra mi, gbẹ̀gìrì lọ́tùn-ún, ewédú lósì, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pò ó pọ̀, ọwọ́ mi ni màá fi pò ó bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní ìwà ọ̀jẹun ni. Kò kàn mí.

"Èwo ló wà ńlẹ̀?" Ẹ fi ìlà yìí sọ́kàn dáadáa, kò sí ìwé tí wọ́n to oúnjẹ sí níbẹ̀, ẹnu màmá ni ìwé. Ṣàkì ni ikùn màlúù tó rí bí aṣọ ìnura, pọ̀nmọ́ ni awọ, fùkù ni ẹ̀dọ̀fóró, ògúfe ni ẹran ewúrẹ́ tàbí ti àgbò. Tó bá ní èyí tẹ́ ẹ fẹ́ ti tán, ẹ má dúró máa wò ó, ẹ ní "kí ló wá kù?"

Ẹ wá fetí sílẹ̀ báyìí. Ẹ gbé ohùn fóònù yín sókè. Ibi tí gbogbo yín ti ń ṣubú la dé yìí.

ÈLÓ ÈLÓ. Kì í ṣe "èló." ÈLÓ ÈLÓ!

Tẹ́ ẹ bá ní "èló ni ṣàkì?", màmá lè máà mọ̀ bóyá ẹyọ kan lẹ ń bi tàbí èyí tó wà lójú abọ́ tó ti ń kó fún yín. "Èló èló" ló ń sọ pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó rí bí ìgbà téèyàn fẹ́ wọ dáńfó, ẹ ẹ́ béèrè iye kẹ́ ẹ tó gbé ẹsẹ̀ wọlé, torí tẹ́ ẹ bá ti jókòó tí mọ́tò sì ti gbéra, iye tí kọ̀ńdọ́ bá pè lẹ máa san, ẹ ẹ̀ ní rẹ́ni gbè yín. Ẹran tó bá ti wọnú ọbẹ̀ yín, ẹ ti wọ mọ́tò nìyẹn.

Màmá wá dáhùn, "ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta." Ẹyọ kan, 500. Ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe máa dá a padà: ṣàkì, lẹ́yìn ẹ̀ owó, lẹ́yìn ẹ̀ iye tẹ́ ẹ fẹ́. "Ṣàkì ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta méjì." Ẹyọ méjì, 500 kọ̀ọ̀kan, 1000 lápapọ̀. Tẹ́ ẹ bá yí i sódì tẹ́ ẹ ní "ṣàkì méjì, ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta," ohun tẹ́ ẹ sọ ni pé kó ta méjì fún yín ní 500, ó sì máa wò yín bí ẹni tó fẹ́ bà á lọ́jà jẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì ní "ṣàkì ẹgbẹ̀rún," ó lè mú ẹyọ ńlá kan ṣoṣo fún yín, kò ṣẹ̀ yín. Ẹran, owó, iye. Ẹ tún un sọ. ẸRAN, OWÓ, IYE.

Owó gan-an ńkọ́? Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ti ń sá. "Ẹgbẹ̀ta" àti "ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta" jọra létí yín, ẹ gbọ́ "gbẹ̀ta" nínú méjèèjì ẹ rò pé ọ̀kan náà ni. 100 náírà ló wà láàárín wọn! Igba, ìyẹn 200, la fi ń kà á. Igba lọ́nà mẹ́ta ni ẹgbẹ̀ta, 600. Igba lọ́nà mẹ́rin ni ẹgbẹ̀rin, 800. Lọ́nà márùn-ún, ẹgbẹ̀rún, 1000. Lọ́nà mẹ́wàá, ẹgbẹ̀wá, 2000, ẹgbàá lẹ sì máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ "ẹ̀dẹ́" níwájú ọ̀kankan nínú wọn, ẹ yọ 100 kúrò. Ó tán. Ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta, 600 ẹ yọ 100, 500. Ẹ̀dẹ́gbẹ̀rin, 700. Ẹ̀dẹ́gbẹ̀rún, 900. Ẹ̀YIN TÍ Ẹ FẸ́RÀN LÁTI SÁRÉ, "Ẹ̀DẸ́" NI KẸ́ Ẹ GBỌ́. 300 àti 400 ló ya ara wọn sọ́tọ̀, ọ̀ọ́dúnrún àti irínwó, ẹ há wọn sórí, mi ò ní àlàyé kúkúrú fún ìyẹn.

Ẹ wá bá mi ṣe ìṣirò oúnjẹ wa. Àmàlà ẹgbẹ̀ta, 600. Ṣàkì ẹ̀dẹ́gbẹ̀ta méjì, 1000. Pọ̀nmọ́ ọ̀ọ́dúnrún, 300. Èló ni? 1900. Màmá ní kí ni? Ẹ̀dẹ́gbẹ̀wá. Ẹgbẹ̀wá, 2000, ẹ yọ 100. Ṣé ẹ rí i? Àwọn màmá mìíràn máa pè é ní náńtíìn họ́ńdírẹ́dì, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ò lè fi ìyẹn ṣe ìrètí.

"Ibí ni, mà." Ìyẹn yá. Tẹ́ ẹ bá máa gbé e lọ, ẹ ní "màá gbé e lọ, ẹ bá mi dì í." Inú ọ̀rá ló máa dì í sí, ẹ wò ó kó di ọbẹ̀ lọ́tọ̀, àmàlà lọ́tọ̀. Tí ọbẹ̀ bá tán nínú abọ́ yín tí àmàlà ṣẹ́kù, ẹ gbé abọ́ dìde lọ bá a, "ẹ tún bá mi fi ọbẹ̀ sí i, mà." Wọ́n sábà máa ń fi sí i. Ẹ má tọrọ ẹran o.

Owó sísan ló kù. "Ṣé ẹ ń gba tiránsífà, mà?" Ó máa tọ́ka sí nọ́ńbà àkáǹtì lára ògiri. Ọwọ́ yín lẹ máa fi tẹ 1900 yẹn, ìdí nìyí tí mo fi pariwo lórí "ẹ̀dẹ́" tó bẹ́ẹ̀. Ó lè wo fóònù ẹ̀ kó ní "kò tíì wọlé." Ẹ má bínú, ẹ má sì fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi fóònù yín hàn án kẹ́ ẹ ní "ó ti kúrò lọ́dọ̀ mi, mà, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀," lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ jókòó síbi tó ti lè máa rí yín títí tó fi máa wọlé.