Ibi tí ‘myself’ yẹ kó wà nínú lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń kọ lẹ́tà ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí: ‘myself’. Ojoojúmọ́ là ń rí i níbi tó jẹ́ pé ‘I’ tàbí ‘me’ ló yẹ kó wà, àwọn tó kàwé dáadáa gan-an ló sì sábà máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Mo kọ lẹ́tà kékeré kan sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Ẹ kà á bí ẹni pé akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ló kọ ọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ nítorí gọ́tà àdúgbò wọn:

“Myself and the treasurer visited your office on Monday. Your officer asked the treasurer and I to return on Friday. Please send your reply to the chairman or myself. I signed the form myself.”

‘Myself’ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Ẹyọ kan péré ló jókòó síbi tó yẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí èdè Gẹ̀ẹ́sì ń béèrè. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá jẹ́ olùwà gbólóhùn, ‘I’ ni yóò kọ. Bó bá jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe, tàbí tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ atọ́kùn bíi ‘to’, ‘for’ àti ‘with’, ‘me’ ni. Èyí ò ṣàjèjì sí wa, torí àwa náà ń yí i: “mo rí i”, “ó rí mi”. Kò sí ọmọ Yorùbá tó máa sọ pé “ó rí mo”. Kí ló wá dé tí ọwọ́ wa ń ṣì nínú Gẹ̀ẹ́sì?

Ìgbà tí ‘àti’ bá wọ ọ̀rọ̀ ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. ‘Mo’ àti ‘mi’ kì í gba ‘àti’ mọ́ra. A kì í sọ pé “mo àti akápò lọ”. “Èmi àti akápò lọ” là ń sọ. Bó bá sì di ipò àbọ̀, “ó pe èmi àti akápò” ni, ‘èmi’ kan náà. Arọ́pò afarajorúkọ ni àwọn onímọ̀ gírámà ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, torí pé bí orúkọ ló ṣe ń ṣe: kì í yí padà, ì báà jẹ́ olùwà, ì báà jẹ́ àbọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ‘èmi àti akápò’ bá wà lọ́kàn wa, ọ̀rọ̀ kan tó wúwo tí kì í yí padà ni a máa ń wá, ‘myself’ ló sì máa ń yọjú. Mo gbà pé ọ̀kan pàtàkì lára ọ̀nà tó ń gbà wọ lẹ́tà wa nìyẹn.

Àmọ́ kì í ṣe àwa nìkan. Àwọn tó ni Gẹ̀ẹ́sì gan-an ń ṣe é, ìdí tiwọn ló yàtọ̀. Wọ́n ń bá ọmọdé wọn wí pé kó má sọ “me and John went”, ìbẹ̀rù ‘me’ á sì bá a dàgbà. Ẹlòmíràn á wá máa kọ ‘I’ níbi gbogbo, títí kan ibi tí ‘me’ ti tọ́. Ẹlòmíràn á sá fún méjèèjì, á wá sá pa mọ́ sábẹ́ ‘myself’.

Iṣẹ́ méjì ni ‘myself’ ń ṣe ní tòótọ́, èdè wa sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni ‘ara mi’: mo ṣe nǹkan, èmi náà ni ó sì kàn, bíi “mo dá ara mi lẹ́bi”. Èkejì ni ‘fúnra mi’: mo ń tẹnu mọ́ ọn pé kì í ṣe ẹlòmíràn ló ṣe é. Bí ‘myself’ tí ẹ kọ kò bá lè di ‘ara mi’ tàbí ‘fúnra mi’, ẹ yọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí lẹ́tà yẹn. Nínú gbólóhùn kìíní, ẹ mú akápò kúrò, kí ó ku “Myself visited your office”. Etí ò gbà á. Olùwà ni, torí náà ‘I’ ni: “The treasurer and I visited your office.” Gẹ́gẹ́ bí ìwà ọmọlúàbí nínú Gẹ̀ẹ́sì, ẹnìkejì ló ń ṣáájú, èmi á tẹ̀ lé e, tiwa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘èmi’, kò sì sí àfojúdi níbẹ̀.

Nínú ìkejì, bí ẹ bá tún mú akápò kúrò, yóò ku “asked I”. Àbọ̀ ni, ‘me’ ló tọ́. Ìkẹta ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ, torí ó dún bí ọ̀rọ̀ ẹni tó ń fọ̀wọ̀ hàn. Ta ló máa fi èsì ránṣẹ́? Òṣìṣẹ́ ìjọba tí a kọ̀wé sí ni, kì í ṣe èmi. Bí ẹni tó ṣe é kò bá jẹ́ èmi, kò lè di ‘ara mi’: “to the chairman or me.” Ẹ fi wé “The officer asked me to introduce myself.” Èyí dára, torí pé bó tilẹ̀ jẹ́ òṣìṣẹ́ ló béèrè, èmi ni mo máa fi ara mi hàn. Inú awẹ́ gbólóhùn tí ‘myself’ wà gan-an ni ká ti wá ẹni tó ṣe é. Gbólóhùn ìkẹrin kò lábùkù: mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù náà fúnra mi.

Ibì kan wà tí mímú ẹnìkejì kúrò kò ti ní ràn wá lọ́wọ́. ‘Between’ ń béèrè ẹni méjì, a ò lè sọ pé “between I” tàbí “between me”. Níbẹ̀, ẹ fi ‘we’ àti ‘us’ dán an wò. “Between us” ló dún dáadáa, kì í ṣe “between we”; nítorí náà “between the landlord and me” ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìwé àdéhùn ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa.

Àyè díẹ̀ ṣì wà tí àwọn òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ ń gbà fún ‘myself’ láìsí ‘ara mi’ níbẹ̀, bíi “people like myself”. N kò ní fagi lé e nínú ìwé ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ‘me’ kò jẹ̀bi níbẹ̀, òun ni èmi á kọ.

Èyí tó lè dá ìjà sílẹ̀ ni ‘ara wọn’. Tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì: “wọ́n fẹ̀sùn kan ara wọn” lè jẹ́ pé kálukú dá ara rẹ̀ lẹ́bi, ó sì lè jẹ́ pé eléyìí fẹ̀sùn kan tọ̀hún, tọ̀hún náà fi kan eléyìí. Ọ̀rọ̀ tó yí i ká ló máa ń là á yé wa. Gẹ̀ẹ́sì ya wọ́n: ‘themselves’ fún ti àkọ́kọ́, ‘each other’ tàbí ‘one another’ fún ti ìkejì. Ká ní àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì ń jà lórí owó ẹgbẹ́, tí akọ̀wé wá kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé pé “The two members accused themselves.” Ẹni tí kò sí nípàdé, tó ka ìwé yẹn lọ́dún méjì sígbà náà, á gbà pé àwọn méjèèjì jẹ́wọ́ pé àwọn kó owó. “Accused each other” ni kó kọ.