Lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí báńkì kí ẹ tó lọ gba físà

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ mú bíró, lẹ́tà la fẹ́ kọ lónìí. Lẹ́tà tí ẹ máa fi béèrè sítétímẹ́ǹtì tó ní òǹtẹ̀ lọ́wọ́ báńkì yín, pẹ̀lú lẹ́tà ìjẹ́rìí tí báńkì fúnra rẹ̀ máa kọ sí ẹ́ńbásì nípa yín. Mi ò ní kọ́ yín níbi tí àdírẹ́sì ń gbé, ẹ ti kọ́ ìyẹn nílé ìwé. Ẹ jẹ́ ká lọ tààrà síbi tó ti máa ń bàjẹ́.

Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń kọ ọ́ rèé: “Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta àti lẹ́tà ìjẹ́rìí, mo fẹ́ fi gba físà.” Ó parí. Háà! Oṣù mẹ́ta wo? Láti ìgbà wo títí di ìgbà wo? Òṣìṣẹ́ báńkì kò mọ ọjọ́ tí ẹ ń lọ sí ẹ́ńbásì, kò sì rí pásípọ́ọ̀tì yín. Ohun tó bá wà lórí kọ̀ǹpútà iwájú rẹ̀ ló máa tẹ̀ jáde.

Ṣé ẹ rí télọ̀? Tí ẹ bá ju aṣọ sílẹ̀ fún un, tí ẹ ní kó bá yín rán ṣòkòtò, tí ẹ sì bá tiyín lọ láìjẹ́ kó wọn yín, ṣòkòtò á jáde o. Á lápò, á ní bẹ́líìtì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ta ni yóò bá mu? Télọ̀ kò ṣẹ̀ yín, ẹ̀yin lẹ ò sọ gígùn. Gbogbo ìgbà tí mo bá rí lẹ́tà ìlà kan tí ènìyàn kọ sí báńkì, ṣòkòtò yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́tà yín ni ìwọ̀n tí báńkì máa fi rán an.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọn ọ́n. Ká ní 20 Oṣù Kọkànlá ni ẹ ń lọ fi ìwé sílẹ̀, ẹ́ńbásì sì ní àwọn fẹ́ sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn. Ẹ mú lẹ́tà lọ sí báńkì ní ọjọ́ 9. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ fẹ́ ẹ láti 1 Oṣù Kẹjọ títí di ìparí iṣẹ́ ọjọ́ 12 Oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 13 ni wọ́n á tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ tí ohunkóhun bá yẹ ní títúnṣe. Ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí, ẹ kọ ọ́ ní nọ́ńbà. Ẹ má kọ “oṣù mẹ́ta” lásán!

Ó lè dà bíi pé mo ń yọ ara mi lẹ́nu, àbí? Ẹ wo ti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá jẹ́ owó tirẹ̀ ló fẹ́ fi hàn, owó náà gbọ́dọ̀ wà nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28 léraléra, kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju iye tí wọ́n ní, kódà fún ọjọ́ kan. Ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ 28 náà kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ ṣáájú ọjọ́ tó fi ìwé sílẹ̀. Tó bá jẹ́ 20 Oṣù Kọkànlá ló fi sílẹ̀, sítétímẹ́ǹtì tó parí ní 15 Oṣù Kẹwàá ti pẹ́ jù. Owó wà níbẹ̀ o, gbogbo ẹ̀ pé, ọjọ́ ni kò bá a mu.

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni wọ́n máa ń gbàgbé jù. ỌJỌ́ KAN NÁÀ ni sítétímẹ́ǹtì àti lẹ́tà ìjẹ́rìí gbọ́dọ̀ fi ka owó yín! Nítorí kí ni? Ọwọ́ òṣìṣẹ́ kan lè tẹ sítétímẹ́ǹtì, kí ẹlòmíì máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́jọ́ kejì. Láàárín méjèèjì, báńkì ti yọ owó tí wọ́n ń gbà fún sítétímẹ́ǹtì náà gan-an. Iye tó wà nínú lẹ́tà wá kéré díẹ̀ sí ti sítétímẹ́ǹtì. Ẹni tó ń yẹ ìwé yín wò kò mọ ìtàn yẹn, ohun tó rí ni pé báńkì kan sọ nǹkan méjì. Ìdí rèé tí mo fi ní kí ẹ lo ìparí iṣẹ́ ọjọ́ tó ti kọjá. Ọjọ́ yẹn ti tán, ohunkóhun ò lè yí i padà mọ́.

Orúkọ ló kàn. Bí pásípọ́ọ̀tì bá ní orúkọ mẹ́ta, tí àkáǹtì ní méjì, tàbí tí àkáǹtì ṣì ń jẹ́ orúkọ tí ẹ ń jẹ́ kí ẹ tó lọ́kọ, ẹ má retí pé báńkì máa yí i nítorí lẹ́tà. Orúkọ tó wà lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n á tẹ̀. Àtúnṣe orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ ṣe, ó ní ìwé tirẹ̀, ó sì lè pẹ́ díẹ̀.

Ó yá, ẹ kọ ọ́ báyìí:

“Sí Mánéjà. Èmi ni mo ni àkáǹtì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lókè yìí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì náà láti 1 Oṣù Kẹjọ títí di ìparí iṣẹ́ ọjọ́ 12 Oṣù Kọkànlá, pẹ̀lú òǹtẹ̀ àti ìfọwọ́sí lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Mo tún fẹ́ lẹ́tà ìjẹ́rìí lórí ìwé tó ní orí lẹ́tà báńkì, tí ẹ kọ sí ẹ́ńbásì tí mo dárúkọ sísàlẹ̀ yìí. Kí ó sọ orúkọ mi bó ṣe wà nínú pásípọ́ọ̀tì tí mo so mọ́ ọn, nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ tí mo ṣí i, àti iye tó wà níbẹ̀ ní ìparí iṣẹ́ ọjọ́ 12 kan náà. Kí orúkọ, ipò àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó fọwọ́ sí i wà níbẹ̀. Mo gbà kí ẹ yọ owó iṣẹ́ yín nínú àkáǹtì mi.”

Ẹ wá fọwọ́ sí i. Ìfọwọ́sí tí báńkì ní lọ́wọ́ ni o, kì í ṣe tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá Express Entry lọ sí Kánádà, tiyín gùn jù báyìí lọ. Ẹ fi kún un pé kí báńkì kọ gbèsè tí ẹ bá jẹ, àti ìpíndọ́gba owó inú àkáǹtì fún oṣù mẹ́fà tó kọjá. Ìpíndọ́gba yẹn ló máa ń tú àṣírí owó tí wọ́n yá sínú àkáǹtì ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Tí ìwé bá ti jáde, ẹ má tíì kúrò níwájú káńtà. Ẹ ka ojú ewé, kí gbogbo rẹ̀ pé. Ẹ ka orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, pásípọ́ọ̀tì lọ́wọ́ ọ̀tún, ìwé lọ́wọ́ òsì. Ẹ fi iye tó wà ní ìlà ìkẹyìn sítétímẹ́ǹtì wé ti lẹ́tà. Ẹ wo òǹtẹ̀: ọjọ́ inú rẹ̀ ṣé ó ṣeé kà, àbí tàdáwà ti dàpọ̀? Bí ojú ewé kan ṣoṣo kò bá ní òǹtẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn níbẹ̀ náà.