Àwòṣe Síláìdì Tí Akọ̀wé Tuntun Kò Ní Lè Bàjẹ́

Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ péjọ sí Ilé-Ifẹ̀ níbí, mo kí yín o. Ìbéèrè tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ni pé kí ló dé tí ìjábọ̀ ìpàdé ọdọọdún fi máa ń yàtọ̀ síra, nígbà tó jẹ́ pé fáìlì kan náà ni gbogbo yín ń lò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń pè ní àwòṣe kì í ṣe àwòṣe. Iṣẹ́ èṣí ni. Ẹni tí iṣẹ́ kàn á ṣí i, á pa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ rẹ́, á kọ tirẹ̀ sí i. Ibi tó bá gbàgbé láti pa rẹ́, owó èṣí á jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ti ọdún yìí ni.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹgbẹ́ kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ pupa osùn àti ìyeyè. Nínú PowerPoint, ẹ lọ sí View, kí ẹ tẹ Slide Master. Ibẹ̀ ni gbòǹgbò gbogbo síláìdì wà. Ẹ tẹ Colors, lẹ́yìn náà Customize Colors. Àyè àwọ̀ 12 ló wà níbẹ̀. Ẹ fi pupa sí Accent 1, ìyeyè sí Accent 2. Nọ́ńbà wọn nìyí:

```
Accent 1  #7A1F2B
Accent 2  #F2B705
```

Mo tẹnu mọ́ èyí torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Bí ẹnì kan bá ya àpótí, tó lọ sí More Colors, tó tẹ nọ́ńbà pupa yẹn síbẹ̀, ojú ò ní mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá yí pupa rẹ̀ padà, àpótí náà kò ní bá àwọn yòókù yí. Ẹ dán an wò kí ẹ tó pín àwòṣe: ẹ yí Accent 1 sí àwọ̀ búlúù fún ìṣẹ́jú kan. Ohun tó bá ṣì pupa, ọwọ́ ni wọ́n fi kùn ún.

Ẹ má sì kọ lẹ́tà funfun sórí ìyeyè yẹn. Ìlànà WCAG fún ìkọ̀wé tó ṣeé kà ní kí ìyàtọ̀ lẹ́tà kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1. Funfun lórí ìyeyè wa kò tó 2, àmọ́ lórí pupa, ó lé ní 10. Àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn ni mo ń rò.

Ó wá kan ojú ewé fúnra rẹ̀, ìyẹn àwọn Layout tó wà lábẹ́ Slide Master. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò nílò ju bíi mẹ́rin lọ: ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀, tábìlì owó, àwòrán. Ẹ pa àwọn tí ẹ kò lò rẹ́, torí bí ó bá pọ̀, olúkúlùkù á mú èyí tó wù ú. Lórí ojú ewé tábìlì owó, ẹ tẹ Insert Placeholder, kí ẹ fa àyè tí akápò máa kọ nǹkan sí. Ẹ má lo Text Box: ohun tí ẹ bá kọ sínú rẹ̀ lórí ojú ewé yìí yóò lẹ̀ mọ́ síláìdì, akápò kò ní lè tẹ̀ ẹ́ láti yí i.

Nínú àyè tí ẹ fà yẹn, PowerPoint ti kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ kọ ìtọ́ni yín síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa hàn sí akápò, á pòórá bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, kò sì ní hàn lójú ìpàdé bó bá fi àyè náà sílẹ̀ lófo. Ìyẹn ló fi dára ju fáìlì èṣí lọ: àyè tí a gbàgbé yóò ṣófo, kò ní parọ́.

Ìtọ́ni tó bá kàn sọ pé «Kọ àkọlé síbí» kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ẹ kọ irú èyí:

«Kọ ohun tí owó ọdún yìí fi hàn, ní gbólóhùn kan. Bí àpẹẹrẹ: Àwọn tó yá owó san án padà ju ti èṣí lọ.»

Àyè tábìlì: «Ìlà mẹ́fà, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ náírà lódindi, má kọ kọ́bọ̀.»

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ tẹ Save As, kí ẹ yan PowerPoint Template. Orúkọ fáìlì náà á parí sí `.potx`. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, fáìlì tuntun ni yóò ṣí fún un, àwòṣe náà kò ní yí padà.

Ìyá kan láàárín yín bi mí pé bí a bá tún àwòṣe ṣe, ṣé ìjábọ̀ àtijọ́ á tún ara wọn ṣe? Rárá, mà. Fáìlì tí a ti ṣẹ̀dá ti dá dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀kan gba àwọ̀ tuntun, ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Design, ẹ ṣí àpò Themes, kí ẹ fi Browse for Themes mú àwòṣe náà wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wò ó ní síláìdì kọ̀ọ̀kan, pàápàá ibi tí wọ́n ti fi ọwọ́ kun àwọ̀.