Bí a ṣe ń ṣàtúnṣe àṣìṣe nínú PDF tí fọ́ǹtì rẹ̀ kò sí lórí kọ̀ǹpútà wa

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè tí ẹ ń bi mí ṣáá ni mo fẹ́ dáhùn lónìí. Oníbàárà gbé PDF wá, ó ní kí ẹ tún orúkọ kan ṣe. Fáìlì tí wọ́n fi ṣe é ti sọnù, fọ́ǹtì rẹ̀ kò sì sí lórí kọ̀ǹpútà yín.

Ìwé ètò ìsìnkú olójú-ewé mẹ́jọ ló wà níwájú mi yìí. Ẹ wo ojú ewé kẹta, níbi tí wọ́n to orúkọ àwọn ọmọ sí: “Folásadé”. Fọláṣadé ló yẹ kó jẹ́. Àmì ìsàlẹ̀ méjì péré ló kù, ṣùgbọ́n ẹni tó ni orúkọ kò ní gbà á bẹ́ẹ̀, èmi náà kò sì ní gbà.

Ẹ ṣí i nínú Adobe Reader, ẹ tẹ Ctrl+D, ẹ lọ sí Fonts. Ṣé ẹ rí “Embedded Subset” lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fọ́ǹtì? Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kìkì lẹ́tà tí wọ́n lò nínú ìwé yìí ni wọ́n dì mọ́ ọn. Kò sí ṣ kankan nínú ìwé yìí, torí náà kò sí ṣ nínú ẹrù náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, fọ́ǹtì mìíràn ni yóò bá yín gbé e jáde, ojú á sì rí i.

Ẹnì kan kọ ọ́ sísàlẹ̀ fídíò tó kọjá pé ṣe ni kí n bo ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú àpótí funfun, kí n tún un tẹ̀ pẹ̀lú Times New Roman. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ṣì wà lábẹ́ àpótí yẹn, ẹni tó bá wá a pẹ̀lú Ctrl+F yóò rí i. Lẹ́tà tuntun náà á sì dá yàtọ̀ láàárín àwọn yòókù. Bí fọ́ǹtì náà bá jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ gbà á sílẹ̀, kí ẹ fi sórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ parí. Eléyìí kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ó yá, Inkscape, ètò tí a fi ń ya àwòrán. Ẹ ṣí PDF náà, ẹ mú ojú ewé kẹta nìkan. Níbi tó ti ń béèrè bí yóò ṣe gbé e wọlé, ẹ yan Poppler/Cairo import. Ibí yìí ni àṣírí wà: gbogbo lẹ́tà á di àwòrán, kò ní béèrè fọ́ǹtì mọ́.

Ẹ wá ọ̀rọ̀ tó ní ọ, kí ìwọ̀n àti ìnípọn rẹ̀ bá ti orúkọ náà mu. “Ọmọ” wà lókè níbẹ̀. Ẹ tẹ ọ náà lẹ́ẹ̀mejì títí ẹ ó fi mú òun nìkan. Ctrl+D ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀, kí ẹ lè ní ẹ̀dà, ẹ má fọwọ́ kan ti gidi. Ẹ wá tẹ Shift+Alt+D kí ẹ̀dà náà lè dá dúró, Ctrl+Shift+G bó bá ṣì dì pọ̀, lẹ́yìn náà Ctrl+Shift+K. Ó ti tú! Ẹ pa òbìrìkìtì rẹ̀ rẹ́, àmì ìsàlẹ̀ nìkan ló kù. Mo fẹ́ràn ibí yìí gan-an. Bí orúkọ méjìlélógún ló bá ní irú àṣìṣe yìí, àmì kan ṣoṣo yìí ti tó.

Ẹ gbé e sábẹ́ o, ní àárín gbùngbùn. Kí ẹ tó fi í sílẹ̀, ẹ rí i pé ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ìsàlẹ̀ ọ mìíràn tó wà lórí ìlà kan náà mu. Ctrl+D lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ di Ctrl mú bí ẹ ti ń fà á lọ sábẹ́ s, kò ní gòkè, kò ní sọ̀ kalẹ̀. Fọláṣadé rèé! Ẹ sún un mọ́ra kí ẹ wò ó dáadáa. Ta ló máa mọ̀?

Bó bá jẹ́ àmì ohùn ló kù lórí ọ tàbí ẹ, ó tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni àmì orí ọ́ máa ń dá dúró ní tirẹ̀, ẹ kàn máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni. Ti á ni ó máa ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, ẹ ó tú u bí a ṣe tú èyí.

Ẹ fi pamọ́ bíi PDF, ẹ pè é ní oju3.pdf. Nítorí pé lẹ́tà ojú ewé yìí ti di àwòrán, ẹ kò lè wá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ mọ́. Fún ìtẹ̀wé, kò sí wàhálà. Torí wíwá ọ̀rọ̀ yẹn ni n kò fi ṣe gbogbo ìwé bẹ́ẹ̀. Ojú ewé kan yẹn nìkan ni mo ń dá padà sáyè rẹ̀ nínú ìwé oníbàárà, eto.pdf. Qpdf, ètò tí a fi ń to ojú ewé PDF pọ̀, ni mo lò; ẹ tẹ àṣẹ yìí sínú terminal:

```
qpdf eto.pdf --pages eto.pdf 1-2 oju3.pdf 1 eto.pdf 4-z -- eto-titun.pdf
```

Ẹ tẹ ojú ewé kẹta jáde lórí bébà kí ẹ tó pe oníbàárà.