Ibi Tí Àbẹ́là Ti Yọ Ju Ìrísí Rẹ̀ Lọ

Lórí ṣáàtì ọjà owó ilẹ̀ òkèèrè, àbẹ́là kọ̀ọ̀kan ń fi ìrìn iye owó láàárín àkókò kan hàn: ara rẹ̀ wà láàárín iye ìbẹ̀rẹ̀ àti iye ìparí, òwú rẹ̀ sì nà dé iye tó ga jù lọ àti èyí tó kéré jù lọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí a ń pè ní òòlù. Àbẹ́là tí ara rẹ̀ kéré lókè, tí òwú ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì gùn tó ìlọ́po méjì ara náà ó kéré tán, ni a ń pè bẹ́ẹ̀, bí iye owó bá ti ń wálẹ̀ kí ó tó yọ. Bí irú rẹ̀ gan-an bá yọ lẹ́yìn tí iye owó ti ń gòkè bọ̀ tipẹ́, "ẹni tó so kọ́" ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Japan tó sọ wọ́n lórúkọ wo ibi tí ọjà ti ń bọ̀. Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn sí àwọn tó ń ta àwòrán àbẹ́là fún àwọn ọ̀dọ́ wa pé kí wọ́n há a sórí, kí wọ́n sì máa rà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́ níbí: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, òòlù yọ lórí fóònù mi lánàá, kò yọ lórí ti ọ̀rẹ́ mi. Ta ni wọ́n ń rẹ́ jẹ nínú àwa méjèèjì?"

Mo pa ohun tí mo fẹ́ sọ tì, nítorí pé ìbéèrè yìí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Ó ṣeé ṣe kí a má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ká ní pọ́n-ùn sí dọ́là bẹ̀rẹ̀ ní 1.2510 láago méjì ọ̀sán, tó já dé 1.2465, tó sì parí wákàtí náà ní 1.2475. Wákàtí kejì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó sì parí ní 1.2520. Lórí ṣáàtì oníwákàtí kan, ara àbẹ́là kejì ti bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀: àwòrán tí a ń pè ní agbémì nìyẹn. Ẹ wá pa wákàtí méjèèjì pọ̀ sínú àbẹ́là oníwákàtí méjì kan: ara di píìpù 10, ìyẹn 0.0010, òwú ìsàlẹ̀ di 45, òòlù sì dé. Bí agogo alágbàtà ọ̀rẹ́ rẹ bá fi wákàtí kan yàtọ̀, tí ó ń gé àbẹ́là oníwákàtí méjì tirẹ̀ láago mẹ́ta, wákàtí méjèèjì yóò bọ́ sínú àbẹ́là ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òòlù náà lè má sì yọ rárá.

Ohun tí agogo kò lè yí padà ni 1.2465. Bí ọjà bá ti balẹ̀ ní àdúgbò yẹn lẹ́ẹ̀mejì ṣáájú, tó sì tún dìde, a mọ̀ pé àwọn olùrà ń dúró níbẹ̀. Ẹ tún wo òkè: bí a bá rà ní 1.2520, tí a fi ibi ìjáwọ́, níbi tí a ó ti gba àdánù kí a sì jáde, sí 1.2460, píìpù 60 ni a fi wewu. Bí àwọn olùtà bá ń dúró ní 1.2540, èrè 20 péré ló wà níbẹ̀, ẹ má rà á, bí òòlù náà ti wù kó rẹwà tó. Bí ọ̀nà bá là títí dé 1.2640, ó yẹ ní gbígbìyànjú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì lè kùnà.

Àkókò ti lọ, n óò ké ọ̀rọ̀ àbẹ́là tí a ń pè ní ìràwọ̀ tó ń já kúrú. Òwú òkè ló gùn, ara wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ìgòkè ló sì gbọ́dọ̀ ti yọ. Bí àbẹ́là mìíràn bá parí lókè ṣóńṣó òwú náà, àwọn olùtà ti jáwọ́ níbẹ̀, kí ẹni tó tà nítorí ìràwọ̀ náà sì tètè jáde.